Ohun Tí Bàbá Mú Lọ́wọ́ Lọ́dún 1959

Oríṣi àpá méjì ló máa ń wà lójú ènìyàn nínú fọ́tò àtijọ́ nílẹ̀ Yorùbá. Ọ̀kan jẹ́ ti ìwé: ibi tí wọ́n ti ká fọ́tò, ibi tí ìṣó ti ha á, ibi tí ooru ti mú kí ó sán. Èkejì jẹ́ ti ènìyàn: ìlà tí olóólà kọ fún un nígbà tí kò tíì mọ̀ ọ́n rìn, àpá ìgbóná, ojú ọgbẹ́ tó gbà lóko. Ẹni tó ń tún fọ́tò ṣe tí kò mọ èyí yàtọ̀ sí ìyẹn yóò nu méjèèjì kúrò pọ̀. Fọ́tò náà yóò dán, ṣùgbọ́n ẹni tó wà nínú rẹ̀ yóò ti di ẹlòmíràn. Iṣẹ́ yìí ni mo ń ṣe jẹun n'Ìbàdàn, mo sì ti rí fọ́tò ìyá arúgbó kan tí wọ́n ti nu gọ̀ǹbọ́ kúrò lójú rẹ̀ títí àwọn ọmọ rẹ̀ fi ń bi ara wọn pé ta nìyí. Ìdí nìyí tí ọkàn mi kò fi balẹ̀ nígbà tó kan fọ́tò bàbá tó bí bàbá mi.

Fọ́tò fíríìdọ̀mù ni. Òkè-Adó ni Bàbá ti kọ́ṣẹ́ káfíńtà. Nígbà tí ọ̀gá wọn tú wọn sílẹ̀ lọ́dún 1959, wọ́n lọ sí ilé fọ́tò kan ní Dùgbẹ̀, nítòsí ibùdó rélùwéè, wọ́n jókòó síwájú aṣọ tí wọ́n ya ọ̀pẹ àti àtẹ̀gùn sí, ayàfọ́tò sì yà wọ́n. Ọmọ ọdún 21 ni wọ́n nígbà náà. Fọ́tò yìí ti wà lára ògiri pálọ̀ wọn kí wọ́n tó bí mi. Gbogbo àwa ọmọ-ọmọ la bá a níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó rí i kedere rí nínú wa. Ó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ìlà funfun kan ti sán láti ìpéǹpéjú òsì, ó gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọjá, ó dé ọrùn ẹ̀wù. Nísàlẹ̀ ńkọ́? Òjò kan tó jò wọlé ti dà sí ẹsẹ̀ férémù nígbà kan, ó sì ti fọ ibi tí ọwọ́ wọn wà lórí itan dà nù. Ohun tí a rí kò ju ọrùn ọwọ́ méjèèjì lọ, àti àtàǹpàkò òsì. Ọwọ́ wọ̀nyẹn mú nǹkan kan, ìyẹn hàn láti inú bí wọ́n ṣe sún mọ́ra. Bàbá mi sọ pé Bíbélì ni. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin sọ pé ìwé ẹ̀rí fíríìdọ̀mù ni. Ìwé ṣáà ni gbogbo ilé gbà pé ó jẹ́, kò sì sí ẹni tó bi Bàbá.

Nígbà tí mo gbé férémù náà kúrò lára ògiri, ọ̀kan nínú àwọn àbúrò mi ti mú abẹ dání láti fi yọ fọ́tò náà kúrò lẹ́yìn díńgí. Mo dì í lọ́wọ́ mú. Fọ́tò dúdú-àti-funfun ayé ìgbà yẹn kì í ṣe tàdáwà tí wọ́n tẹ̀ sórí ìwé. Jẹ́látììnì ni wọ́n tẹ́ sórí ìwé náà, ohun kan tí wọ́n ń rí láti inú awọ àti egungun ẹran, inú jẹ́látììnì yìí sì ni fàdákà tó kúnná gan-an wà. Fàdákà náà ni dúdú tí a ń rí tí a ń pè ní àwòrán. Jẹ́látììnì a máa fa omi. Bí fọ́tò bá fara ti díńgí láìsí àlàfo láàárín wọn, tí ọ̀rinrin sì ń wọlé lọ́dọọdún, jẹ́látììnì yóò rọ̀, yóò lẹ̀ mọ́ díńgí, yóò sì gbẹ mọ́ ọn ju bó ṣe lẹ̀ mọ́ ìwé tirẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fà á, ìwé nìkan ni yóò bọ́ sí i lọ́wọ́. Ojú ènìyàn yóò kù sára díńgí.

Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ bóyá ó ti lẹ̀ kò le. Ẹ gbé férémù síbi tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé yóò ti bà á lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ rọra yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ibi tó ti lẹ̀ mọ́ díńgí yóò dúdú, yóò sì máa dán bí aṣọ tí omi bà, ibi tí kò lẹ̀ yóò ṣì máa funfun gbẹ. Ti Bàbá ti lẹ̀ láti iwájú orí títí dé àyà. Nítorí náà a kò yọ ọ́. Mo tú pátákó ẹ̀yìn férémù, mo rí òǹtẹ̀ ilé fọ́tò náà àti ọdún 1959 lẹ́yìn ìwé, mo fi aṣọ rírọ̀ gbígbẹ nu ojú díńgí, mo sì dojú fọ́tò pẹ̀lú díńgí rẹ̀ dé orí sikánà. Ó níye sikánà tó lè ṣe irú iṣẹ́ yìí. Àwọn tín-ín-rín tí a ń lò ní ọ́fíìsì kì í ríran kọjá díńgí. Ohunkóhun tó bá jìnnà sí ojú wọn bí ìwọ̀n mìlímítà méjì yóò ṣú. Èyí tó nípọn, tó ní lẹ́ńsì nínú, ni mo lò, mo sì yí i sí 1200 dpi.

Ní àwọ̀ ni mo gbà á sínú kọ̀ǹpútà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fọ́tò dúdú-àti-funfun ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n a sì máa pàdánù nǹkan ńlá. Àbàwọ́n ọjọ́ pípẹ́ lára fọ́tò a máa pọ́n tàbí kí ó jọ àwọ̀ ìyeyè. Kọ̀ǹpútà ní tirẹ̀ a máa tọ́jú àwòrán aláwọ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta: pupa, àwọ̀ ewé, àti àwọ̀ aró. Bí a bá ṣí ibi tí wọ́n kọ Channels sí, tí a wo ọ̀nà aró nìkan, àbàwọ́n náà yóò dúdú kirikiri, yóò bo ojú ẹni náà. Bí a bá wá wo ọ̀nà pupa nìkan, ohun tó pọ́n yóò dà bí ohun tó funfun, àbàwọ́n yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ kan ojú náà. Orí ọ̀nà pupa yìí ni mo ti kọ́kọ́ rí Bàbá. Imú wọn hàn, ètè hàn, bọ́tìnnì ẹ̀wù hàn. Pélé wọn náà hàn, ìlà mẹ́ta kúkúrú tó dúró ṣánṣán ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ni wàhálà wà. Ìlà méjì ló hàn gbangba níbẹ̀. Ibi tó yẹ kí ẹ̀kẹta wà ni ibi tó sán ti gbà kọjá, àwọn nǹkan funfun kéékèèké sì ti dì mọ́ra wọn níbẹ̀. Ohun tó rọrùn jù ni kí n ṣe ẹ̀dà ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, kí n yí ojú rẹ̀ padà, kí n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ òsì. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni yóò gbà, kò sì sí ẹni tí yóò mọ̀. Ṣùgbọ́n olóólà kì í ṣe ẹ̀rọ. Abẹ rẹ̀ kì í jinlẹ̀ bákan náà lọ́tùn-ún àti lósì, ọmọ tó ń ké lábẹ́ rẹ̀ kì í sì í dúró jẹ́ẹ́.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ìlà kọ̀ọ̀kan wò. Ohun tí mo kọ́kọ́ ń wò ni ibi tí ó parí sí. Ibi tí ìwé sán kì í mọ ààlà: ó lè ti ara ènìyàn bọ́ sára ẹ̀wù, kí ó ti ara ẹ̀wù bọ́ sára aṣọ ẹ̀yìn. Ìlà ojú kò jẹ́ kọjá awọ ara. Lẹ́yìn èyí ni mo wo òjìji. Òjìji imú Bàbá fi hàn pé apá òsì ẹni tó ń wo fọ́tò ni ìmọ́lẹ̀ ayàfọ́tò ti wá. Ìlà tí abẹ kọ jẹ́ kòtò tín-ín-rín, bí ìmọ́lẹ̀ bá sì ti òsì wá, etí òsì kòtò náà yóò ṣókùnkùn, etí ọ̀tún rẹ̀ yóò mọ́lẹ̀ díẹ̀. Ibi tí ìwé ti sán kò ní irú òjìji bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí níwájú ayàfọ́tò lọ́jọ́ náà. Funfun ìwé lásán ni, etí rẹ̀ mú bákan náà níhà méjèèjì. Nígbẹ̀yìn mo padà sídìí férémù fúnra rẹ̀, mo pa iná yàrá, mo sì fi tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀gbẹ́ díńgí tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fi ń rá pálá lórí fọ́tò. Etí ibi tó sán kọ mànà. Ara pélé kò kọ nǹkan kan, nítorí àwòrán kòtò ni, kì í ṣe kòtò gan-an.

Nígbà tí mo yọ ohun tó jẹ́ ti ìwé kúrò díẹ̀díẹ̀, ohun tó kù níbẹ̀ yà mí lẹ́nu. Ìlà kẹta wà lóòótọ́, ó ní òjìji tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò gùn tó ìdajì àwọn yòókù, kò sì jinlẹ̀. Mo fi í sílẹ̀ bí mo ṣe bá a.

Ó wá ku ìsàlẹ̀. Ibẹ̀ yàtọ̀ sí gbogbo ibi tí mo ti ń sọ bọ̀. Lójú àti ní àyà, àwòrán wà, nǹkan ló bò ó. Ní ibi tí omi ti gbé jẹ́látììnì lọ, fàdákà ti bá a lọ, kò sì sí àwòrán kankan tó fara pamọ́ tí a lè wá jáde. Irinṣẹ́ tí wọ́n kọ Clone Stamp sí kì í dá nǹkan. Ohun tó wà nítòsí ló ń yá, ó sì ń fi í bo ihò. Ó dára fún aṣọ ẹ̀yìn, níbi tí gbogbo ara rẹ̀ jọra, tí kò sì sí ẹni tí yóò ṣìnà nítorí ewé ọ̀pẹ kan. Kò dára fún ohun tó wà lọ́wọ́ ènìyàn.

Àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní kí n ya Bíbélì síbẹ̀, wọn kò sì sọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ní àwọn ọdún 1970, òyìnbó kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Stephen Sprague ṣe ìwádìí lórí iṣẹ́ àwọn ayàfọ́tò Yorùbá, ní Ìlá-Ọ̀ràngún àti àwọn ìlú mìíràn, ó sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde lọ́dún 1978. Ó ṣàlàyé bí àwọn ènìyàn wa ṣe ń jókòó fún fọ́tò iyì: ojú kọ iwájú gan-an, ẹsẹ̀ yà, ọwọ́ lórí itan, aṣọ bo àga. Bàbá jókòó bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, nítorí náà mo lè sọ ibi tí ọwọ́ wọn wà láìrí i. Àwọn ilé fọ́tò náà a sì máa ní ìwé, aago àti òdòdó tí oníbàárà lè yá. Ìwé ṣeé ṣe. Àmọ́ ohun tó ṣeé ṣe kò di ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo fi àwọ̀ eérú kan ṣoṣo kún ojú ibẹ̀, kí ojú òǹwòran má baà máa kọsẹ̀ níbi funfun, kí ó sì hàn sí gbogbo ẹni pé nǹkan sọnù níbẹ̀. Lẹ́bàá àtàǹpàkò òsì, níbi tí àwòrán ti dópin, ìlà kékeré kan wà tó mọ́lẹ̀ kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Mo dán an wò bí mo ṣe dán àwọn yòókù wò. Kò kọjá ààlà, tọ́ọ̀ṣì kò mú un kọ mànà. N kò mọ ohun tó jẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ìwé, n kò sì pa á rẹ́.

Mo tẹ fọ́tò náà ní ìnṣì 12 sí 16, nítorí ojú Bàbá kò fi bẹ́ẹ̀ gbé mọ́, mo sì gbé e lọ bá wọn lówùúrọ̀, lórí àga wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, wọ́n súre, wọ́n wọ awò ojú wọn. Mo gbé e lé wọn lẹ́sẹ̀.

Wọn kò sọ̀rọ̀ nípa ara wọn rárá ní ìbẹ̀rẹ̀. Bọ́tìnnì kejì ni wọ́n kọ́kọ́ fi ìka kàn. “Ẹ̀wù ẹ̀gbọ́n mi rèé,” wọ́n ní. “Bọ́tìnnì yìí já lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, ìyá mi ló rán òmíràn mọ́ ọn. Wò ó, kò bá àwọn yòókù dọ́gba.” Mo wò ó. Mo ti wo bọ́tìnnì yẹn lórí kọ̀ǹpútà tó ìlọ́po mẹ́rin bí ó ti tóbi tó, n kò sì rí i pé ihò méjì ló ní, tí àwọn tó kù ní mẹ́rin.

Ìka wọn gun òkè lọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì. Wọ́n dúró níbi ìlà kẹta. Wọ́n gbé ọwọ́ kejì lọ sí ojú ara wọn, níbi tí ìhunjọ ọjọ́ ogbó ti bo pélé mọ́lẹ̀ tí ènìyàn kò fi lè kà á mọ́.

“Olóólà kò parí èyí,” ni wọ́n wí. “Ìyá mi ló sọ fún mi. Ó ní mo ké títí èémí mi fi fẹ́ gé, ni òun bá já mi gbà mọ́ ọn lọ́wọ́. Bàbá mi bínú, wọ́n ní kí wọ́n gbé mi padà lọ. Ìyá mi kọ̀.” Wọ́n rẹ́rìn-ín. “O fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. O ṣeun.”

N kò tíì gbọ́ ìtàn yìí rí. Bàbá mi tó jẹ́ ọmọ wọn kò gbọ́ ọ rí. Bí mo bá ti fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún tún òsì ṣe, ìka Bàbá kì bá tí rí ibi dúró sí, ìyá Bàbá tó já ọmọ rẹ̀ gbà lábẹ́ abẹ kì bá sì ti wọ inú ọ̀rọ̀ ilé wa láé.

Nígbà náà ni ojú wọn sọ̀ kalẹ̀ dé itan. Wọ́n gbé fọ́tò náà súnmọ́ ojú, wọ́n sì wò mí.

“Ìfági mi dà?”

“Ìfági wo, Bàbá?”

“Ìfági tó wà lọ́wọ́ mi.”

Bàbá mi bọ́ sí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ìwé kọ́ ni ẹ mú dání ni?”

“Ìwé kẹ̀? Ayàfọ́tò gbé ìwé fún mi, mo dá a padà. Mo ní, ‘Ẹ̀gbọ́n, n kò lọ sí ilé ìwé. Ohun tí mo kọ́ ni kí ẹ yà.’ Ìfági onírin ni, tuntun, ọ̀gá mi ló rà á fún mi lọ́jọ́ tí ó tú mi sílẹ̀. Onígi ni gbogbo wa ti ń lò tẹ́lẹ̀. Mo gbé e dùbúlẹ̀ sórí itan báyìí, mo dojú abẹ rẹ̀ sókè, kí ó má baà gé ṣòkòtò ẹ̀gbọ́n mi.” Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì ṣe àpèjúwe rẹ̀, ọ̀tún mú ẹ̀yìn, òsì mú iwájú, wọ́n sì tẹ àtàǹpàkò òsì sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú fọ́tò.

Mo padà sídìí kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ yẹn, mo sì wo ìlà kékeré tó mọ́lẹ̀ lẹ́bàá àtàǹpàkò náà. Ìwé kì í dán báyẹn. Irin tí ìmọ́lẹ̀ bà láti òsì ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì wà níbi tí etí ìfági yóò wà bí ènìyàn bá dojú rẹ̀ sókè, tó gbé e lé itan bí Bàbá ṣe gbé e. Gbogbo ohun tó kù lára ìfági náà nínú fàdákà kò ju ìyẹn lọ.

Ọ̀rọ̀ wá di àríyànjiyàn nínú ilé. Àwọn tó ní kí n ya Bíbélì lánàá ní kí n ya ìfági lónìí, wọ́n ní Bàbá ṣáà ti jẹ́rìí sí i. Mo bi Bàbá bóyá kí n wá irú ìfági bẹ́ẹ̀ lọ́jà, kí n yà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn, kí n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀. Wọ́n ronú sí i. Wọ́n ní ìfági tí n bá rí lọ́jà, ti ẹlòmíràn ni, ọwọ́ tí yóò mú un náà, ti ẹlòmíràn ni. “Kọ ohun tí mo sọ fún ọ sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀, kí ó kà á.”

Bẹ́ẹ̀ la ṣe. Mo fi pẹ́ńsù rírọ̀ kọ ọ́ sẹ́yìn fọ́tò tuntun náà, nítorí bírò a máa tẹ ìwé wọnú, tàdáwà rẹ̀ a sì máa ràn dé iwájú lọ́jọ́ iwájú. Mo kọ orúkọ Bàbá, Dùgbẹ̀, 1959, ẹ̀wù àti ṣòkòtò ẹ̀gbọ́n wọn, bọ́tìnnì tí ìyá wọn rán, ìlà tí olóólà kò parí, ìfági onírin tí ọ̀gá fún wọn, tí wọ́n dojú abẹ rẹ̀ sókè. Férémù àtijọ́ náà wà nínú àpótí gbígbẹ nínú yàrá, pẹ̀lú díńgí rẹ̀, kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fà á ya. Fọ́tò tuntun lè sọnù, kí a sì tún tẹ òmíràn. Díńgí yẹn nìkan ni fàdákà ojú Bàbá wà lára rẹ̀.

Bàbá ti fún mi ní iṣẹ́ mìíràn báyìí. Fọ́tò ìgbéyàwó wọn ni, aáyán ti jẹ etí rẹ̀, ènìyàn mẹ́sàn-án ló wà nínú rẹ̀, mẹ́ta kò lójú mọ́. N kò tíì gbé e dé orí sikánà. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú mo ń jókòó tì wọ́n pẹ̀lú ìwé àti pẹ́ńsù, wọ́n sì ń sọ ẹni tó dúró níbì kọ̀ọ̀kan, ohun tó wọ̀, ẹni tó bí i. Ìyá tó wà ní apá òsì pátápátá, wọ́n ní àbàjà ló wà lójú rẹ̀, ìlà mẹ́rin-mẹ́rin, àti pé kí n ṣọ́ra, nítorí bí mo bá rí márùn-ún, ìwé ló fa ọ̀kan.